Pọ́ǹpù Ńlá, Asẹ́ Kékeré: Bí Omi Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Kan l'Abẹ́òkúta Ṣe Dọ̀tí Lọ́jọ́ Ọdún

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni wọ́n pè mí. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan ni, nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan l'Abẹ́òkúta, ti gbogbo ayé ni, ẹni tó bá ti sanwó lẹ́nu ọ̀nà lè wọ̀ ọ́. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rí ìsàlẹ̀ omi mọ́. Bí ọmọ kan bá rì níbi tó jìn yẹn, mi ò ní mọ̀ rárá.” Mo ní kó kó gbogbo èèyàn jáde kíá, kó má dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni. Bí èèyàn kò bá ti lè rí irin tó bo ihò ìfàmi nísàlẹ̀ ibi tó jìn jù láti etí adágún, omi yẹn ti di ewu.

Ọ̀gá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Olóyè ni, òun ló ni ọgbà náà. “Injiníà, ẹ kú ọdún o. Pọ́ǹpù tuntun tí mo rà ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìlọ́po méjì ti àtijọ́ ni. Owó ńlá ni mo kó lé e. Kí ló wá dé tí omi burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?”

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ àkọsílẹ̀ yìí, nítorí mo ti bá a pàdé níbi púpọ̀: omi ń dọ̀tí, wọ́n ra pọ́ǹpù tó tóbi, omi túbọ̀ dọ̀tí. Orí iye èèyàn tó máa wọ inú omi ló yẹ kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ la ó ti mọ bí omi ṣe gbọ́dọ̀ máa yípo tó, lẹ́yìn náà ni asẹ́, pọ́ǹpù ló kẹ́yìn. Olóyè ti bẹ̀rẹ̀ láti ìparí.

Ohun tí mo bá níbẹ̀

Mo débẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Gígùn adágún náà jẹ́ mítà 25, ìbú rẹ̀ mítà 10. Níbi tí kò jìn, omi jẹ́ mítà 1. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sí ìkángun kejì, níbi tó ti jìn tó mítà 1.8. Tí a bá dá jíjìn rẹ̀ dọ́gba, mítà 1.4 ni. Omi inú rẹ̀ wá jẹ́ 25 × 10 × 1.4, ìyẹn kúbíìkì mítà 350. Kúbíìkì mítà kan ni omi tó kún táńkì oníke lítà 1,000 kan, nítorí náà kí ẹ fojú inú wo irú táńkì bẹ́ẹ̀ 350 tí wọ́n tò sílẹ̀.

Àgbá asẹ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, yanrìn ló wà nínú rẹ̀, ìbú àgbá náà sì jẹ́ mítà 1.2. Pọ́ǹpù àtijọ́ ń gbé kúbíìkì mítà 45 ní wákàtí kan. Ẹni tó kọ́ adágún náà ti ṣe ìṣirò rẹ̀ pé omi á máa yípo ní wákàtí 8. Ohun tí a ń pè ní àkókò àyípo ni iye wákàtí tí pọ́ǹpù máa fi ṣiṣẹ́ kí omi tó pọ̀ tó ti inú adágún tó gba inú asẹ́ kọjá: 350 tí a fi 45 pín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé lẹ́yìn wákàtí 8, gbogbo omi ti kọjá nínú asẹ́ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó ti mọ́ ń padà wá dà pọ̀ mọ́ èyí tí kò tíì lọ, nítorí náà pọ́ǹpù ń fa àdàlù lẹ́ẹ̀kan sí i, ìdá kan nínú rẹ̀ sì ti lọ rí. Lẹ́yìn àyípo kan, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún omi náà ló ti gba asẹ́ kọjá. Lẹ́yìn méjì, ó di 86. Lẹ́yìn mẹ́ta, 95. Lẹ́yìn mẹ́rin, 98. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń fẹ́ kí omi yípo ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lójúmọ́, kí pọ́ǹpù má sì sinmi. Ṣùgbọ́n ní ọgbà yìí, agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń tan pọ́ǹpù, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń pa á nítorí epo jẹnẹrétọ̀. Wákàtí 10 péré. Àyípo kan àti díẹ̀ nìyẹn, bíi ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdọ̀tí ọjọ́ Àìkú ló ń bá wọn dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ohun tí wọ́n wá ń ṣe sí i ni pé ní alẹ́, wọ́n á da álọ́ọ̀mù, oògùn tó ń so ìdọ̀tí pọ̀, sínú adágún, wọ́n á jẹ́ kó sùn, bí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sùn sísàlẹ̀ dà sí gọ́tà. Ó ń jẹ́ kí omi mọ́ fún àárọ̀ ọjọ́ kan lóòótọ́. Kò sì wo àrùn kankan sàn, nítorí asẹ́ tó yẹ kó máa ṣe iṣẹ́ yẹn ní gbogbo wákàtí kò ṣe é.

Bí mo ṣe wọn pọ́ǹpù tuntun náà

Ara pọ́ǹpù tuntun náà ni wọ́n kọ 90 sí. Olóyè sì ti fi 90 yẹn pín 350 nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ní kò tó wákàtí 4. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù, iye tó lè gbé nígbà tí nǹkan díẹ̀ ló ń dí i lọ́nà ni. Bí ìṣàn omi nínú páìpù bá di ìlọ́po méjì, ìdènà páìpù náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Páìpù tó wà nílẹ̀ kò yí padà, asẹ́ kò yí padà, nítorí náà pọ́ǹpù kò lè rí ọ̀nà gbé 90 yẹn lọ.

Kò sí ẹ̀rọ tó ń ka ìṣàn omi níbẹ̀, adágún fúnra rẹ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo lẹ téèpù mọ́ ara táìlì ní ibi tí omi dé gan-an, mo sì ní kí wọ́n fi pọ́ǹpù tuntun náà fọ asẹ́. Fífọ asẹ́ ni pé kí omi gba ìsàlẹ̀ yanrìn wọlé, kó gbé yanrìn náà sókè, kó sì kó ìdọ̀tí jáde lọ sí gọ́tà. Bákìwọ́ọ̀ṣì ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Ojú omi náà fẹ̀ tó sukuéà mítà 250, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà kan tí omi bá fi lọ sílẹ̀ jẹ́ kúbíìkì mítà 2.5. Ní ìṣẹ́jú 10, ó lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4.5. Ìyẹn 11.25, bí a bá sọ ọ́ di ti wákàtí kan, bíi 68. Pọ́ǹpù tí wọ́n rà fún 90, 68 ló ń gbé. Ọ̀nà yìí kò pé pérépéré, nítorí ìdènà nígbà tí a ń fọ asẹ́ àti nígbà tí asẹ́ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ òótọ́ ju ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin lọ.

Bí a ṣe ń ṣe èyí ni mo gbọ́ ariwo kan láti inú pọ́ǹpù, bí ẹni pé wọ́n ń gbo òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀. Páìpù tó ń fa omi wá sínú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ nínú. Bí kúbíìkì mítà 68 bá ń gba ibẹ̀ ní wákàtí kan, omi ń sáré ju mítà 3.5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú fífà, èmi kì í jẹ́ kó kọjá 1.5. Bó bá ti sáré tó bẹ́ẹ̀, ẹnu pọ́ǹpù á máa gbẹ, hóró ìhó á máa yọ nínú omi, wọ́n á sì máa bẹ́ mọ́ ara abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú pọ́ǹpù títí tí wọ́n á fi jẹ ẹ́.

Mo wá jáde lọ wo gọ́tà. Yanrìn ti gbá jọ síbẹ̀, yanrìn asẹ́ ni. Nígbà tí a ṣí àgbá, ó ti lọ sílẹ̀ ju ìlà tó yẹ kó dé lọ ní ohun tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Pọ́ǹpù ńlá náà ti ń fọ yanrìn dànù láti oṣù méjì sẹ́yìn.

Ìdí tí omi fi túbọ̀ dọ̀tí

Asẹ́ yanrìn kò rí bí ẹni tó rò pé òun mọ̀ ọ́n ṣe rò. Àlàfo tó wà láàárín hóró yanrìn tóbi ju ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí tó ń jẹ́ kí omi dà bí omi ògì lọ. Kì í ṣe pé ìdọ̀tí há. Ó ń lẹ̀ mọ́ ara yanrìn bó ṣe ń kọjá lọ ni, kó sì tó lè lẹ̀, omi gbọ́dọ̀ rọra kọjá. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ èyí: bí o bá rọra da omi sí i, èèrí á dúró lórí asẹ́, bí o bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, èèrí á bá ògì lọ.

Bí a ṣe ń wọn ìrọra yẹn ni pé a ó fi ojú yanrìn pín ìṣàn. Àgbá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2, ojú yanrìn rẹ̀ jẹ́ sukuéà mítà 1.13. Pọ́ǹpù àtijọ́, 45 tí a fi 1.13 pín, ń jẹ́ kí omi sọ̀ kalẹ̀ nínú yanrìn bíi mítà 40 ní wákàtí kan. Pọ́ǹpù tuntun sọ ọ́ di 60. Fún adágún tí gbogbo ayé ń wọ̀, PWTAG, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí omi ìlúwẹ̀ẹ́ ní Bìrìtéènì, kò fẹ́ kó kọjá 25. Ibi tó ju 25 lọ títí dé 50, ti inú ilé ẹni tí ìdílé kan ń lò nìyẹn. 60 kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, owó tí Olóyè ná ti ba nǹkan méjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí asẹ́ ń ṣiṣẹ́, omi ń sáré débi pé ìdọ̀tí ń bá a kọjá padà sínú adágún. Nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́, omi ń sáré débi pé yanrìn ń bá ìdọ̀tí lọ. Yanrìn tó ṣẹ́ kù kò nípọn tó mọ́, ìdọ̀tí sì tún rí ọ̀nà kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kẹta tí mo rí ló dẹ́rù bà mí jù. Ihò ìfàmi kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ adágún náà, irin tó bò ó kò sì ní àlàfo tó pọ̀. Bí ewé bá dí ẹnu tó ń gbé omi lókè, gbogbo agbára pọ́ǹpù ńlá yẹn á bọ́ sórí ihò kan yẹn. Omi á máa wọ̀ ọ́ ju ààbọ̀ mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ju ìwọ̀n tí a kì í fẹ́ kọjá lọ. Irú ihò bẹ́ẹ̀ lè fa irun ọmọ tàbí ara rẹ̀ mọ́ra kó má lè yọ. Ọmọ ọdún 7 kan tó kú báyìí ní Amẹ́ríkà ní 2002 ló mú kí wọ́n ṣòfin lórí ihò ìfàmi níbẹ̀ ní 2007. Mo ní kí wọ́n pa pọ́ǹpù náà, kí wọ́n má tún tàn án mọ́.

Iye èèyàn ló ń sọ iye omi

Olóyè jókòó tì mí lábẹ́ igi máńgòrò, mo sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, “Olóyè, èèyàn mélòó ló wà nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà lánàá?” Ó ní òun kò mọ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ omi ló dáhùn pé nígbà tí òun kà wọ́n, wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Adágún náà fúnra rẹ̀ ní iye tó lè gbà. Ní ibi tí omi jìn láti mítà 1 dé 1.5, tí àgbà lè dúró, sukuéà mítà 2.7 ni ti ẹnì kan. Níbi tó bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé lílúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, sukuéà mítà 4. Nínú adágún yìí, omi dé mítà 1.5 ní ibi tó fi nǹkan bíi mítà 15.6 jìnnà sí ibi tí kò jìn. Apá àkọ́kọ́ wá jẹ́ sukuéà mítà 156, ó gba èèyàn 57. Apá kejì jẹ́ 94, ó gba 23. Lápapọ̀, èèyàn 80. Ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí pọ́ǹpù tó lè gbà á.

Ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé ń mú òógùn, epo ara, ìpara, nígbà mìíràn ìtọ̀, wá sínú omi. Ìlànà tí mo ń lò, láti ọ̀dọ̀ PWTAG kan náà, ni pé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí kúbíìkì mítà 1.7 gba asẹ́ kọjá ní wákàtí kan. Èèyàn 80 ní ìlọ́po 1.7 jẹ́ 136. Mo sọ ọ́ di 137 kí díẹ̀ lé. 350 tí a fi 137 pín, wákàtí 2 àti ààbọ̀ ni, pẹ̀lú ìṣẹ́jú díẹ̀.

Mo fi ọ̀nà kejì yẹ̀ ẹ́ wò. Fún adágún tó gùn tó mítà 25, tí ibi tí kò jìn nínú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, ìmọ̀ràn wọn ni wákàtí 2.5 sí 3. Ọ̀nà méjèèjì pàdé. Bí wọn kò bá pàdé, èyí tó bá béèrè omi tó pọ̀ jù ni mò ń tẹ̀ lé. Wọn kì í sì í pàdé nígbà gbogbo: adágún tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, tí omi rẹ̀ kéré tí èèyàn sì pọ̀ nínú rẹ̀, lè nílò kí omi yípo láàárín ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan àti ààbọ̀. Ti àwọn tó ń bẹ́ láti orí pátákó, omi pọ̀ níbẹ̀, èèyàn kò pọ̀, wákàtí 4 sí 8 tó o.

Mo wá yí ìṣirò náà padà fún Olóyè. Pọ́ǹpù àtijọ́ tó ń gbé 45, tí a bá fi 1.7 pín in, ìdọ̀tí èèyàn 26 péré ni agbára rẹ̀ ká. Ó wò mí títí. “Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n? Injiníà, èèyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo kọ́ gbogbo èyí fún?” Mo ní kí ó má bínú, pé 26 pàápàá ń ṣojúure sí i ni, nítorí asẹ́ yẹn kò yẹ kó gbà ju 28 kúbíìkì mítà lọ ní wákàtí kan bí a bá tẹ̀ lé 25, èèyàn 16 nìyẹn sì wà fún.

Asẹ́ àti pọ́ǹpù tó bára mu

137 tí a fi 25 pín fún wa ní ojú yanrìn sukuéà mítà 5.5, èyí tó kéré jù tí a lè lò. Ohun tó wà níwájú wa ni àgbá méjì tí ìbú wọn jẹ́ mítà 2, tàbí mẹ́ta tí ìbú wọn jẹ́ 1.6. Méjì ńlá yẹn ní 6.28, mẹ́ta kékeré ní 6.03. Lórí ká sẹ́ omi nìkan, kò sí ìyàtọ̀ tó jọjú. Fífọ wọn ló fi ìyàtọ̀ hàn.

Kí yanrìn tó lè gbéra nílẹ̀ kó tú ìdọ̀tí sílẹ̀, omi gbọ́dọ̀ gun òkè ní mítà 30 ó kéré tán ní wákàtí kan. Omi tiwa níbí gbóná, bíi ìwọ̀n 28 tàbí 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, omi tó gbóná sì fúyẹ́ lọ́wọ́, kì í ti yanrìn bí omi tútù ṣe ń tì í, nítorí náà 40 ni mò ń lò. Àgbá ńlá kan á nílò 126 kúbíìkì mítà ní wákàtí kan láti fọ̀ ọ́, gbogbo pọ́ǹpù ló máa ṣiṣẹ́ fún un. Àgbá tó jẹ́ 1.6, ojú yanrìn rẹ̀ jẹ́ 2.01, nítorí náà 80 ló nílò. Bí a bá pín iṣẹ́ 137 fún pọ́ǹpù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa gbé bíi 69 nígbà tí asẹ́ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a bá ń fọ asẹ́, omi kò padà sínú adágún, gọ́tà ló ń lọ, ìdènà rẹ̀ dín kù, pọ́ǹpù kan náà á sì gbé 80. Pọ́ǹpù kan, àgbá kan. Mo yan mẹ́ta kékeré.

Fífọ àgbá kan fún ìṣẹ́jú 5 ń jẹ nǹkan bíi kúbíìkì mítà 6.7, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 20. Olóyè ní ìfowóṣòfò ni. Kì í ṣe ìfowóṣòfò, torí pé adágún gbọ́dọ̀ gba omi tuntun lítà 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀ ọ́, nítorí ohun tó yòrò sínú omi, asẹ́ kì í mú un. Omi 20 yẹn tó fún èèyàn bíi 660 lọ́sẹ̀ kan. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á dà nínú rẹ̀ nù sí i.

Fún pọ́ǹpù, ohun tó kàn ni ìdènà. Omi ń ti adágún jáde, ó sì ń padà sínú adágún kan náà, nítorí náà kò sí òkè tí pọ́ǹpù ń gbé omi gùn. Ìdènà lójú ọ̀nà nìkan ló ń bá jà, bí gíga tí agbára kan náà ìbá gbé omi dé ni a sì ṣe ń wọ̀n ọ́n, ní mítà. Mo ka páìpù fífà àti agbọ̀n tó wà níwájú pọ́ǹpù sí mítà 2.5, páìpù ìdápadà pẹ̀lú àwọn ìgbọ̀nwọ́ àti fáàfù rẹ̀ sí 3.5, ẹnu tí omi ń gbà wọ adágún sí 1.5, asẹ́ tó mọ́ sí 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10.5. Ṣùgbọ́n asẹ́ kì í mọ́ títí. Bí ìdọ̀tí bá ti gbà á, géèjì tó ń ka ìfúnpá omi níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ á fi nǹkan bíi 0.5 lórí òṣùwọ̀n tí a ń pè ní “bar” ya ara wọn ju ìgbà tó mọ́ lọ kí a tó fọ̀ ọ́, mítà 5 mìíràn nìyẹn. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ lè gbé 137 ní mítà 15.5.

Ẹni tó bá dúró síbí ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Pọ́ǹpù tí a yàn fún asẹ́ tó dọ̀tí, kí ló máa ṣe lọ́jọ́ tí asẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́? Ìdènà á dín kù, ó sì máa gbé ju 137 lọ; nínú àwòrán iṣẹ́ àwọn pọ́ǹpù tí a yàn, ó sún mọ́ 155. Ìyẹn á ti omi kọjá 25 nínú yanrìn, mọ́tọ̀ pọ́ǹpù á sì máa jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà a fi ẹ̀rọ tó ń yí eré mọ́tọ̀ padà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì fi ẹ̀rọ tó ń ka ìṣàn sí ojú páìpù, kí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ máa dá a dúró sí 137 bí asẹ́ ṣe ń dọ̀tí lọ. Mọ́tọ̀ kílówáàtì 5.5 méjì tó fún iṣẹ́ náà, a sì ní ìkẹta nílẹ̀ bí ọ̀kan bá kọṣẹ́.

Ẹ̀rọ ayíré-padà yẹn náà ló bá wa parí ọ̀rọ̀ òru. Bí mọ́tọ̀ bá ń sáré ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún eré rẹ̀, omi tó ń gbé á jẹ́ ìdá 70, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ á já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Olóyè kò ní láti pa á mọ́ ní òru. Á dín eré rẹ̀ kù ni, níwọ̀n ìgbà tí kiloríìnì àti mímọ́ omi bá ti dára kí wọ́n tó dín in.

Páìpù fífà di èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 18.5 nínú, omi sì ń sáré níbẹ̀ bíi mítà 1.4. Ihò ìfàmi ìsàlẹ̀ di méjì tó jìnnà síra wọn ju mítà 2 lọ, páìpù kan ló so wọ́n pọ̀ láìsí fáàfù láàárín, irin tó bo ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àlàfo tó tó sukuéà mítà 0.08, débi pé bí ẹnì kan bá dúró lórí ọ̀kan tí gbogbo omi sì bọ́ sórí èkejì, kò ní kọjá ààbọ̀ mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A ní láti fa omi adágún gbẹ kí a tó lè ṣe èyí. Mo kọ̀ láti ṣe é lásìkò òjò, nítorí omi inú ilẹ̀ lè ti adágún tó ṣófo sókè kó sì fọ́ ọ. Oṣù Kínní ni a ṣe é. Títí di ìgbà náà, pọ́ǹpù àtijọ́ ló padà sẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru, pẹ̀lú yanrìn tuntun, èèyàn 16 ni wọ́n sì ń tà tíkẹ́ẹ̀tì fún lẹ́ẹ̀kan. Ó dun Olóyè, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Àgbá tí kò tíì dé

Nígbà tí owó dé tábìlì, ti àgbá mẹ́ta kò pé. Olóyè ní kí n fi méjì ṣe é, kí pọ́ǹpù máa gbé 137 lọ́nàkọnà. Mo ní rárá, ohun tó mú wa débí náà ni. A fi páìpù, pọ́ǹpù àti ihò ìfàmi sí ìwọ̀n tí gbogbo rẹ̀ máa nílò, a da kọnkéré ìjókòó àgbá kẹta sílẹ̀, a sì fi fáàfù pa ẹnu páìpù rẹ̀ dé. Àgbá méjì ní ojú yanrìn 4.02, ní 25, ó gba nǹkan bí 100 kúbíìkì mítà ní wákàtí kan. A fi eré pọ́ǹpù sí 100, omi ń yípo ní wákàtí 3 àti ààbọ̀, èèyàn sì jẹ́ 58. Wọ́n kọ 58 gàdàgbà sára pátákó ẹnu ọ̀nà. A tún fi pọ́ǹpù kékeré kan sí i tó ń kán oògùn tó ń so ìdọ̀tí pọ̀ sínú omi díẹ̀díẹ̀ kó tó wọ asẹ́, wọ́n sì jáwọ́ nínú dída álọ́ọ̀mù sínú adágún.

Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, mo lọ síbẹ̀ láìsọ fún wọn. Èèyàn tò síta, wọ́n ń dúró kí ẹnì kan jáde kí ẹlòmíràn tó wọlé. Géèjì asẹ́ fi “bar” 0.2 ya ju ti ìgbà tó mọ́ lọ. Ìṣàn dúró sí 99.

Àgbá kẹta dé ní oṣù Kọkànlá. A gbé e sórí kọnkéré rẹ̀, a da yanrìn sí i, a fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́ nínú gíláàsì, a ṣí fáàfù. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì 80, wọ́n sì dá ẹni kọkànlélọ́gọ́rin dúró. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo pe ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ omi lórí fóònù, mo ní kó lọ dúró sí ìkángun tó jìn, kó sọ ohun tó rí fún mi. Ó dákẹ́ díẹ̀. “Sà, mò ń ka àlàfo irin ihò ìfàmi. Mo ti ka mẹ́rìnlá.”